Òǹkà Tí Ń Wo Iwájú: Iṣẹ́ Tí ‘Dín’ Ń Ṣe Nínú Òǹkà Yorùbá

Ẹ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ọgbà yunifásítì wa pé kí ó ka ení, èjì, títí dé ogún. Kíákíá ni yóò kà á tán. Ẹ ní kí ó máa bá a lọ. Yóò rọra dé orí ẹ̀rìnlélógójì, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́, yóò gbójú sókè, yóò sì sọ pé ‘fọ́tì-fáìfù’. Mo ti dán èyí wò lára àwọn ọ̀rẹ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibi kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń dúró sí.

Kì í ṣe pé orí wọn kò pé. Orí 45 ni ọ̀nà ti yà. Títí dé 44, nǹkan ni a ń fi lé orí ogójì. Nígbà tí a bá dé 45, èdè wa ní kí a kọ ẹ̀yìn sí ogójì, kí a wo àádọ́ta níwájú, kí a sì yọ àrùn-ún kúrò nínú rẹ̀: àrùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta tí a sì ń wò yìí, òun náà kò dá dúró. Ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọgọ́ta náà ẹ̀wẹ̀, ogún mẹ́ta ni. Nítorí náà ẹni tí ó bá pe 45 ní Yorùbá ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan àti àyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pa ẹnu dé: ogún lọ́nà mẹ́ta, ó dín ẹ̀wá, ó dín àrùn-ún.

Àyọkúrò yìí nìkan ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ó ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa tí a fi ń sá wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì bí a bá ti fẹ́ dárúkọ ọdún tàbí iye owó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá rí bí a ṣe hun ún, kò ju òfin kan ṣoṣo lọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba ibi tí òfin náà ti yẹ̀.

ÀWỌN ÒPÓ ÀTI OHUN TÍ A SO MỌ́ WỌN

Láti orí ọ̀kan dé orí ẹ̀wá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Kò sí àròpọ̀, kò sí àyọkúrò. Láti orí 11 dé orí 14, a ń fi kún ẹ̀wá: ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá. ‘Lá’ tí a gbọ́ ní ìparí wọn, ‘lé ẹ̀wá’ ni a sún kì. Orí 15 ni a ti yí padà. Ogún ni a wò, a yọ àrùn-ún, ẹ̀ẹ́dógún, a yọ ẹ̀rin, ẹ̀rìndínlógún, ẹ̀ta, ẹ̀tàdínlógún, èjì, èjìdínlógún, ọ̀kan, ọ̀kàndínlógún. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí a ń yọ ń kéré sí i. Ẹni tí ó ń ka owó láti orí 15 lọ sí orí 19, ó ń ka àrùn-ún, ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì, ọ̀kan, bí ẹni tí ń súnmọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó sì ń sọ iye ìṣísẹ̀ tí ó kù.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le. ‘Dín ní ogún’ ni ó di ‘dínlógún’: ‘í’ inú ‘ní’ bọ́ sílẹ̀ níwájú ‘o’, ‘n’ sì di ‘l’, bí ó ti máa ń rí nígbà gbogbo nínú èdè wa. Bákan náà ni ‘lé ní ogún’ di ‘lélógún’. Níwájú ‘i’ nìkan ni ‘n’ ti máa ń dúró, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ‘dín nígba’ àti ‘dín nírinwó’.

Kọjá ogún, àwòṣe kan náà ni a tẹ̀lé títí. Bí a bá dúró lórí ìdá mẹ́wàá kan, a ó fi ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin lé e. Bí ó bá ku àrùn-ún, ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì, ọ̀kan kí a dé èyí tí ó kàn, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ìyẹn. 24 jẹ́ ẹ̀rìnlélógún, 25 jẹ́ ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. 34 jẹ́ ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n, 35 jẹ́ àrùndínlógójì. Nítorí náà kò sí ohun tí ń jẹ́ ‘àrùnlélógún’ tàbí ‘ẹ̀fàlélọ́gbọ̀n’ nínú òǹkà àwọn baba wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọdé ìlú ńlá.

Ìdá mẹ́wàá tí mò ń wí yìí ni ó yẹ kí a wá wò dáadáa, nítorí pé oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ òpó gidi, tí a fi ogún kọ́: ogójì ni ogún èjì, ọgọ́ta ni ogún ẹ̀ta, ọgọ́rin ni ogún ẹ̀rin, ọgọ́rùn-ún ni ogún àrùn-ún, títí dé ọgọ́sàn-án, tí í ṣe ogún mẹ́sàn-án, 180. Àwọn kejì ni èyí tí ó bọ́ sí àárín òpó méjì: 50, 70, 90, 110, 130, 150, 170. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó ní orúkọ tirẹ̀. Òpó tí ó wà níwájú ni a fi ń pè wọ́n: àádọ́ta ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta, àádọ́rin ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́rùn-ún, àádọ́fà, àádóje, àádọ́jọ, àádọ́sàn-án.

Ẹnì kan lè béèrè pé níbo ni ẹ̀wá wà nínú ‘àádọ́ta’? Ó wà nínú ‘àá’. ‘W’ ni ó bọ́ nù. Bí èyí bá dà bí àlọ́ létí yín, ẹ wo 2000. Igba mẹ́wàá ni, ó sì yẹ kí ó jẹ́ ‘ẹgbẹ̀wá’, àwọn mìíràn ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbàá ni ọ̀pọ̀ ń wí. Níbẹ̀ náà, ẹ̀wá ni ó pàdánù ‘w’ rẹ̀ tí ó sì di ‘àá’. Ohun kan náà ni ó ṣe ní iwájú ọ̀rọ̀ àti ní ẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

ÌDAJÌ MÁA Ń WO IWÁJÚ

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ‘ẹ̀ẹ́d-’, èyí tí a rí lórí 15 àti 25, tí a kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́ títí tí a fi kọjá irinwó. Níbẹ̀ ni ó tún ti yọjú: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 500. Kí ni a yọ? Kì í ṣe àrùn-ún mọ́. Ẹgbẹ̀ta jẹ́ igba mẹ́ta, 600. Láti ibẹ̀ dé 500, ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin jẹ́ 700, ọgọ́rùn-ún dín ní 800. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún jẹ́ 900. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lọ dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá, 1900, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún dín ní ẹgbàá.

Nígbà tí a bá kọjá ẹgbàá, ọwọ́ tún gbòòrò sí i. Ẹgbàajì ni 4000, ẹgbàata ni 6000, ẹgbàarin ni 8000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajì ni 3000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata ni 5000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàarin ni 7000. Níhìn-ín, ẹgbẹ̀rún ni a yọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, ‘ẹ̀ẹ́d-’, a fi yọ àrùn-ún, a fi yọ ọgọ́rùn-ún, a fi yọ ẹgbẹ̀rún. Ó lè jọ pé àwọn tí ó ṣe òǹkà yìí kò bìkítà, ṣùgbọ́n ẹ pe ohun mẹ́ta náà tẹ̀lé ara wọn kí ẹ sì fetí sí ìparí wọn: àrùn-ún, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún. Àrùn-ún ni, ogún lọ́nà àrùn-ún ni, igba lọ́nà àrùn-ún ni. Àrùn-ún kan náà ni a ń yọ, ohun tí a ń kà ni ó ń tóbi sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘ẹ̀ẹ́d-’ kàn ní láti wo òpó tí ó tẹ̀lé e kí ó tó mọ irú àrùn-ún tí ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Láàárín 10 àti 20, ìdajì ọ̀nà ni 15. Láàárín 40 àti 60, ìdajì ọ̀nà ni 50. Láàárín 400 àti 600, 500 ni. Láàárín 2000 àti 4000, 3000 ni. Ẹni tí ó bá wà ní ìdajì gan-an lè wo ẹ̀yìn, ó sì lè wo iwájú. Ìṣirò kò fi ọ̀kan ṣe olórí èkejì. Èdè Yorùbá ni ó yàn, iwájú ni ó sì ń yàn ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo tí mo sọ lókè nìyí: bí o bá ti dé ìdajì, òpó tí ó ń bọ̀ ni kí o fi ka ara rẹ.

Òfin náà ní ibi tí ó ti yẹ̀. 30 wà ní ìdajì ogún àti ogójì, síbẹ̀ ọgbọ̀n ni, ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró. 300 wà ní ìdajì igba àti irinwó, síbẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ni. Mo ka èyí sí ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé àyè kan náà ni àwọn méjèèjì wà, àárín òpó kìíní àti èkejì, ọ̀kan nínú agbo ogún, èkejì nínú agbo igba. 190 náà yàtọ̀. A kì í rí ‘àádọ́-’ níbẹ̀, nítorí pé òpó tí ó wà níwájú rẹ̀ kò fi ogún jẹ́ orúkọ, igba ni. Nítorí náà a ó là á sọ ni: igba ó dín mẹ́wàá.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tí ń kọ́ gírámà yóò fẹ́ràn. A máa ń sọ pé ‘ogún ọdún’, ‘ọgọ́ta ọdún’, òǹkà ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Ṣùgbọ́n ‘ọdún mọ́kàndínlógún’ ni a ń wí, òǹkà wà lẹ́yìn, ó sì gbé ‘m’ wọ̀. Kí ni a wá ń ṣe sí àwọn tí a fi àyọkúrò kọ́? ‘Àádọ́ta ọdún’ ni, kì í ṣe ‘ọdún máàádọ́ta’. ‘Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn’ ni. Ṣùgbọ́n ‘ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n’ ni, ‘ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún’ ni. Èyí fi hàn pé èdè náà ti gba àádọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí àárín àwọn òpó, wọ́n ti di àgbà, ohun mìíràn lè fara ti wọn. Nígbà tí 15 àti 25, bí a tilẹ̀ ti sún wọn kì bí àwọn yòókù, ṣì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ogún àti ọgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ pé ‘ẹ̀tàdínláàádọ́ta’, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yọ ohunkóhun kúrò nínú ẹ̀ẹ́dógún.

ṢÉ OWÓ ẸYỌ NI Ó FA Á?

Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé owó ẹyọ ni ó bí àyọkúrò. Ọ̀gbẹ́ni Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, kọ ọ̀rọ̀ lórí òǹkà Yorùbá, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1887. Ó ṣàpèjúwe bí a ṣe ń ka owó tí a dà sílẹ̀ láti inú àpò. Ẹni tí ń kà á yóò jókòó tàbí kí ó kúnlẹ̀ tì í, yóò máa kó o ní márùn-ún márùn-ún, yóò sì máa ka iye ìgbà tí ó kó títí di ogún; ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Yóò tún ka ọgọ́rùn-ún kejì, yóò pa méjèèjì pọ̀ di igba, yóò sì gbá igba mìíràn mọ́ ọn. Àwọn tí ó ń fi okùn sín owó náà ní iye tiwọn: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn fún ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá fún àpò kan. Àpò yẹn ni ọ̀kẹ́, 20,000.

Mo gbà pé owó ẹyọ ni ó fún àwọn òpó ńlá lágbára. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ka ìtàn yìí tí kò ní í rí ibi tí igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ti wá dì mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun ni ó kọ́ wa ní ‘dín’. Bí ó bá jẹ́ pé márùn-ún márùn-ún ni a ń kó o, ohun tí ó yẹ kí 16 jẹ́ ni ọ̀wọ́ mẹ́ta àti ẹyọ kan. Ẹni tí ó ń kó owó jọ kì í kó ogún kí ó tó dá mẹ́rin padà. Orúkọ ‘ẹ̀rìndínlógún’ kò bá ìṣe ọwọ́ yẹn mu rárá.

Ohun mìíràn tí kò jẹ́ kí n gbà ni pé àwa nìkan kọ́ ni a ń yọ. Àwọn ará Ẹdó, aládùúgbò wa, ń yọ kúrò nínú ogún láti pe 16 dé 19. Àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí wọn kò mọ owó ẹyọ ní owó, ń pe 18 ní ‘èjì kúrò nínú ogún’, wọ́n sì ń pe 19 ní ‘ọ̀kan kúrò nínú ogún’. Tiwọn kò ju méjì tí ó kù díẹ̀ kí ó pé lọ. Tiwa dé ìdajì ọ̀nà. Níbi tí òpó bá ti lágbára lọ́kàn ènìyàn, ó rọrùn láti fi ohun tí ó kù kí a dé ibẹ̀ ṣe ìwọ̀n. Ìyá-ìyá mi, tí ó ń ta obì, kì í sọ pé òun ti rí mẹ́tàdínlógójì. ‘Ó ku mẹ́ta kí ó pé’ ni ó máa ń wí, olúkúlùkù tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì mọ ogójì tí ó ní lọ́kàn.

Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ẹnu wa ń bẹ ní òkè òkun. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé ẹ̀rìndínlógún, dídá owó mẹ́rìndínlógún, dání lọ. Títí di òní, dilogún ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ wò ó: iye tí a yọ, ‘ẹ̀rìn’, ti jábọ́ lójú ọ̀nà, ohun tí ó kù ni ‘dínlógún’.

IBI TÍ ENÍ TI Ń DI ÈJÌ MỌ́NI LỌ́WỌ́

Àṣìṣe mẹ́ta ni mo sábà máa ń rí. Èkíní ni kí a gbọ́ ‘dín’ kí a kọ ‘lé’. Ẹ̀tàdínláàádọ́ta jẹ́ 47, ẹ̀tàléláàádọ́ta jẹ́ 53. Nínú méjèèjì, 3 àti 50 ni etí gbọ́. Ohun kékeré àárín ni ó pa wọ́n láṣẹ. Nígbà tí wọ́n bá kéde orin nínú ilé ìjọsìn, ẹ wo bí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti ṣí ìwé sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ojú ewé. Ká ní orin igba ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Àádọ́rin ni kí o kọ́kọ́ mú: ọgọ́rin ó dín ẹ̀wá, 70. Yọ mẹ́ta, 67. Fi lé igba, 267. Ẹni tí ó bá wà ní 273 ti gbọ́ ‘lé’ níbi tí a ti wí pé ‘dín’. Kí ẹ rántí pé àwọn orogún méjì yìí kò ju ọ̀kan dé ẹ̀rin lọ. Bí ẹ bá gbọ́ àrùn-ún, kò sí iyè méjì, ‘dín’ ni.

Èkejì ni kí a gbọ́ òpó kí a gbàgbé iwájú ọ̀rọ̀. Ẹnì kan gbọ́ ‘ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin’, ó mú ‘ẹgbẹ̀rin’, ó kọ 800. Orúkọ òpó ni ó máa ń gbẹ̀yìn, òun sì ni ó máa ń dún jù. Iwájú ni a ti ń sọ ohun tí a yọ.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Bí a bá sọ pé ‘ẹgbẹ̀rún ó dín igba ó lé mẹ́ta’, èló ni? Ẹnì kan lè yọ igba kúrò nínú ẹgbẹ̀rún, kí ó fi mẹ́ta lé e: 803. Ẹlòmíràn lè so igba pọ̀ mọ́ mẹ́ta, kí ó yọ 203: 797. Gírámà kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí àgbà kan tí yóò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òpó tí ó súnmọ́ jù ni yóò dì mú: ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́ta ni 803, ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́ta ni 797. Bí ‘lé’ bá ti wá lẹ́yìn ‘dín’ nínú òǹkà yín, ẹ padà lọ wá òpó mìíràn, nítorí pé ẹ ti dúró jìnnà jù.

Èyí kò wí pé ọ̀nà kan péré ni a lè gbà dé orí iye kan. Ẹ jẹ́ kí a mú ọdún méjì láti inú ìtàn wa. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, a sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹgbẹ̀sán-án, tí í ṣe igba mẹ́sàn-án, 1800, yóò sọ pé ọdún kìíní jẹ́ ẹgbẹ̀sán-án ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin: 1800, pẹ̀lú 80 tí ó dín 3. Ẹni tí ó bá wo iwájú yóò sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ó dín mẹ́tàlélógún: 2000 ó dín 100, ó tún dín 23. Méjèèjì tọ̀nà. Ní ti 1886, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ó dín mẹ́rìnlá ni mo fẹ́, nítorí pé mẹ́rìnlá péré ni ó kù. Èkejì, ẹgbẹ̀sán-án ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, á máa fa ènìyàn lénu. Ní ti 1960 tí a gba òmìnira, kò sí àríyànjiyàn: ẹgbàá ó dín ogójì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 1985, ẹgbàá ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ohun tí a yọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀.

Ọjà ti ń tún òǹkà yìí ṣe lójú wa. Ìyálọ́jà tí ń pe 500 náírà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì kì í sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajì bí owó bá di 3000. ‘Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta’ ni yóò wí. Ẹgbàá ti ń di ‘ẹgbẹ̀rún méjì’. Ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ti gba ìjókòó òpó ńlá, àyọkúrò sì wà láàyè nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan. Síbẹ̀, nígbà tí owó bá ga gidigidi tí àwọn àgbà fẹ́ pe mílíọ̀nù kan, ‘àádọ́ta ọ̀kẹ́’ ni wọ́n ń wí: 50 lọ́nà 20,000. Àádọ́ta yẹn ṣì jẹ́ ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta.

Àwọn kan ti dábàá pé kí a pa ‘dín’ tì pátápátá nínú ìṣirò ilé ẹ̀kọ́, kí 47 di ‘ogójì lé méje’, kí ọ̀rọ̀ lè bá nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ mu. N kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀ fún ọmọ kíláàsì kìíní tí ń kọ́ bí a ti ń ro owó pọ̀ lórí pátákó. Ṣùgbọ́n òǹkà wà nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ọmọ tí kò bá sì gbọ́ ‘àádọ́’ rí títí dé ibẹ̀, há ni yóò kàn há a sórí bí orúkọ odò ilẹ̀ òkèèrè. Bí ó bá ti mọ òpó, tí ó sì mọ̀ pé ìdajì ń wo iwájú, kò sí ohun tí yóò há sórí ju ọgbọ̀n, igba, ọ̀ọ́dúnrún àti irinwó lọ.

Ní ti àwọn ọdún tí a wà nínú wọn yìí, láti 2000 wá ni ‘ó dín’ ti kúrò lẹ́nu ẹgbàá. 1999 ni ó kẹ́yìn: ẹgbàá ó dín ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ẹgbàá ó lé ni a ń wí, àyọkúrò sì ti lọ sápamọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀, bí ẹgbàá ó lé mọ́kàndínlógún fún 2019, tàbí ẹgbàá ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún 2025. Òpó tí ó wà níwájú ni ẹgbọ̀kànlá, igba mọ́kànlá, 2200. Ní 2100, tí ó jẹ́ ìdajì ọ̀nà, ni àwọn tí ó bá ń ka Yorùbá nígbà náà yóò tún kọjú sí iwájú.